Bí A Ṣe Ń Kọ Ọ̀rọ̀ Tí Ajẹ́ntì Yóò Sọ Nínú Fídíò Yàrá Kan

Yàrá kan nínú ilé ojúkojú ní Múṣin ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ kọ́kọ́ wọn yàrá náà. Bí ẹ kò bá ní okùn ìwọ̀n, ti télọ̀ tó, nítorí íńṣì 60 rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 5. Ọ̀sán ni kí ẹ yà á, kí iná wà ní pípa, kí ẹ má sì lo ojú kámẹ́rà tó ń fẹ yàrá ju bó ṣe wà lọ. Ẹnu ọ̀nà ni ọ̀rọ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀:

“Ẹ káàbọ̀. Yàrá kan péré ni èyí. Ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, ó sì fẹ̀ ní 10. Bí ẹ bá tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹsẹ̀ bàtà 4 àbọ̀ sí 6, àyè yóò ṣẹ́ kù fún tábìlì àti àga méjì. Ìlà oòrùn ni fèrèsé kọjú sí, nítorí náà yàrá kì í ṣókùnkùn láàárọ̀.”

Ibi àléébù ni ọ̀pọ̀ ajẹ́ntì ti ń bà á jẹ́. Àwọn kan a yí kámẹ́rà kánkán kúrò níbẹ̀; ẹni tó wá wo ilé yóò rí i fúnra rẹ̀, owó ọkọ̀ rẹ̀ yóò sì ṣòfò. Àwọn mìíràn a ní “àtúnṣe díẹ̀ ló kù”, èyí tó ń mú kí olùwòran ro ohun tó burú ju òtítọ́ lọ. Ní tèmi, kámẹ́rà gbọ́dọ̀ dúró lórí àléébù náà títí ẹ ó fi sọ ohun tó fà á, ohun tí onílé ti ṣe sí i àti ohun tó kù:

“Ẹ wo igun àjà yìí. Òjò ló jò síbẹ̀. Onílé ti pààrọ̀ páànù méjì, mo sì rí wọn; ọ̀dà ni wọn kò tíì kùn. Èèyàn yàrá mẹ́jọ ló ń lo ilé ìwẹ̀ méjì.”

Bí ẹ kò bá fojú rí àtúnṣe náà, “onílé sọ pé” ni kí ẹ wí. Ẹ tún ṣọ́ra fún àmì tó wà nísàlẹ̀ ògiri. Bí ọ̀dà bá ń ṣí níbẹ̀, tí ìyẹ̀fun funfun sì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ọ̀rinrin inú ilẹ̀ ni, ọ̀dà tuntun kò sì ní mú un kúrò. Ẹ má ṣe ṣèlérí pé yóò gbẹ. Ẹ ní kí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì jìnnà sí ògiri yẹn.

Lẹ́yìn àléébù ni kí owó tó dé, kí ó sì pé: owó ilé, owó ìwé àdéhùn àti kọmíṣọ́ọ̀nù, kí ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Òfin ilé gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2011, kò gbà kí a béèrè ju owó ilé ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Gbólóhùn tí mo fi ń parí ni:

“Gbogbo owó tí ẹ ó san nìyẹn. Bí ẹ bá ń bọ̀ wá wò ó, ẹ béèrè ọ̀rọ̀ omi àti iná lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ibẹ̀.”