Bí mo ṣe fún "ọ̀dọ́" ní oríkì nínú ìfáárà iṣẹ́ ìwádìí mi

Iṣẹ́ ìwádìí mi dá lé ìdí tí àwọn ọ̀dọ́ kan ní agbègbè Kábà àti Ìjùmú fi ń dá oko ẹ̀gẹ́ àti kaṣú, tí àwọn mìíràn kò sì fẹ́ fojú kan oko rárá. Nígbà tí mo ń kọ ìfáárà rẹ̀, gbólóhùn tó gbà mí lákòókò jù ni èyí tó sọ ẹni tí mo ń pè ní ọ̀dọ́.

Àṣà ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni pé kí wọ́n ṣí ìwé atúmọ̀-èdè, kí wọ́n da ohun tí wọ́n bá bá níbẹ̀ kọ sí ìlà àkọ́kọ́. Èmi náà ṣí i. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìwé atúmọ̀-èdè ni láti ròyìn bí àwọn tó ni èdè ṣe ń lo ọ̀rọ̀, ìròyìn sì lè jẹ́ òótọ́ tàbí irọ́. Bí ìwé kan bá sọ pé arúgbó ni ọ̀dọ́, gbogbo wa ni yóò sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó ní ọ̀dọ́ ni ẹni tí kò tíì dàgbà jẹ́ òótọ́, síbẹ̀ kò lè sọ fún mi bóyá kí n bi ọkùnrin ẹni ọdún 38 ní ìbéèrè tàbí kí n kọjá lára rẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìlú lọ́dọ̀ wa, a máa ń rí àwọn tó ti lé ní 40, tí ọmọ wọn ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Ọ̀dọ́ ni a ń pè wọ́n, a kò sì ṣì wọ́n pè. Ìwé atúmọ̀-èdè kò jẹ̀bi. Ààlà ni iṣẹ́ mi nílò, ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ kò sì ní ààlà níbẹ̀.

Ìyẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ irú oríkì kejì, èyí tí òǹkọ̀wé fi lélẹ̀ fúnra rẹ̀ pé: nínú iṣẹ́ mi yìí, ohun tí ọ̀rọ̀ yìí dúró fún nìyí. Oríkì àfilélẹ̀ ni mo ń pè é. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé irọ́ ni, nítorí kò ròyìn nǹkan kan. Ohun tí òǹkàwé lè bi wá ni ìdí tó fi jẹ́ ibẹ̀ la fà á sí, àti bóyá a dúró lórí rẹ̀ títí dé ìparí.

Ìdí náà ni mo wá lọ wá. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé máa ń ka ẹni ọdún 15 sí 24 mọ́ ọ̀dọ́ nínú ìṣirò rẹ̀. Ìwé àdéhùn àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2006, mú un dé 35. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà lórí ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́ ti 2009 sọ pé 18 sí 35, ti 2019 sì sọ ọ́ di 15 sí 29. Gbogbo wọn fi í lélẹ̀ fún iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe ni. Mo yan 18 sí 35, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti 2019 tuntun ju ti 2009 lọ, nítorí pé láàárín 30 sí 35 ni mo ti rí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ti Àbújá àti Lọ́kọ́ja padà wálé tí wọ́n ń wá ilẹ̀. Bí mo bá yọ wọ́n, mo yọ àwọn gan-an tí ìbéèrè mi ń wá. Mo tún kọ ohun tí yíyàn yìí ná mi síbẹ̀: n kò lè gbé iye tí mo rí kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye àwọn tó lo 15 sí 29, kí n sì sọ pé ọ̀kan pọ̀ ju èkejì lọ.

Gbólóhùn náà wá di: "Nínú iṣẹ́ yìí, ọ̀dọ́ ni ẹnikẹ́ni tó jẹ́ ẹni ọdún 18 sí 35 ní ọjọ́ tí a bá a sọ̀rọ̀, tó sì ń gbé ní ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí a yàn." Ọ̀rẹ́ mi kan dábàá pé kí n fi "tí ojú rẹ̀ ti là sí iṣẹ́ ìlú ńlá" kún un. N kò gbà. Bóyá ìlú ńlá ló ń fa àwọn ọ̀dọ́ kúrò lóko wà lára ohun tí mo fẹ́ ṣèwádìí. Tí mo bá ti fi í sínú oríkì, mo ti dáhùn ìbéèrè kí n tó bi ẹnikẹ́ni, àwọn tí kò sì rò bẹ́ẹ̀ kò ní wọlé sínú iṣẹ́ náà rárá. Nínú gbogbo ohun tó lè ba oríkì àfilélẹ̀ jẹ́, èyí ni mo kà sí burúkú jù, torí ó máa ń fara pamọ́ sínú ọ̀rọ̀ tó dùn létí.

Ọ̀rọ̀ kejì tó ṣe pàtàkì, "ilẹ̀ ìdílé", gba ọ̀nà mìíràn. N kò ní àṣẹ láti fi ìtumọ̀ tèmi lélẹ̀ fún un, nítorí ohun tí àwọn tí mo bá sọ̀rọ̀ ń pè bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ ròyìn. Mo kọ ọ́ pé ilẹ̀ tí gbogbo ẹbí jọ ni, tí ẹnì kan kò lè dá tà. Mo kà á fún bàbá àgbàlagbà kan tó jẹ́ olórí ẹbí. Mo kí wọn, "Òkun o, Bàbá," wọ́n ní kí n jókòó. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Òótọ́ ni, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n èyí tí bàbá rẹ fowó ara rẹ̀ rà ńkọ́? Bó bá kú láìpín in, ilẹ̀ gbogbo ọmọ rẹ̀ ni." Mo fi ìyẹn kún un. Oríkì tó ń ròyìn ni a lè tún ṣe báyìí lẹ́nu àwọn tó ni ọ̀rọ̀.

Ó wá ku ibi tí màá fi wọ́n sí. Ìlànà ilé ẹ̀kọ́ mi ní kí oríkì àwọn ọ̀rọ̀ wà ní ìsọ̀rí tó kẹ́yìn nínú orí kìíní. Bẹ́ẹ̀, ìbéèrè ìwádìí ti wà lókè níbẹ̀. Ẹni tó bá ka "Kí ló dé tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń kọ oko sílẹ̀?" láìmọ ààlà mi yóò ti fi tirẹ̀ kà á, yóò sì gba ojú ewé púpọ̀ kí ó tó mọ̀ pé kì í ṣe ohun kan náà la ń sọ. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi gbà pé kí n fi í sí ibi méjì. Ìpínrọ̀ kìíní lo ọ̀dọ́ bí gbogbo èèyàn ṣe ń lò ó, torí ìtàn agbègbè ni mo ń sọ níbẹ̀. Ìpínrọ̀ kejì gbé gbólóhùn àfilélẹ̀ náà kalẹ̀ pẹ̀lú ìdí rẹ̀, ìbéèrè sì tẹ̀lé e lójú ẹsẹ̀. Ní ìsọ̀rí tó kẹ́yìn, mo tún gbólóhùn kan náà kọ láìyí ọ̀rọ̀ kan padà, nítorí bí méjèèjì bá fi díẹ̀ yàtọ̀, oríkì méjì ni mo ní. "Ilẹ̀ ìdílé" kò nílò ìpínrọ̀ tirẹ̀. Àlàyé rẹ̀ wà nínú gbólóhùn tí ó ti kọ́kọ́ jáde.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tẹ `Ctrl+F`, mo wá "ọ̀dọ́" kiri inú orí náà, mo sì ń fi "ẹni ọdún 18 sí 35" rọ́pò rẹ̀ níbi gbogbo lọ́kàn mi. Ibi tí gbólóhùn bá ti wọ́, ọ̀rọ̀ ti sá padà sí ìtumọ̀ ojoojúmọ́ nìyẹn. "Àwọn ọ̀dọ́ ló tún ọ̀nà oko ṣe" wọ́, torí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìlú ló ṣe é, àwọn ẹni ọdún 45 sì wà nínú wọn. Mo yí i sí "ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìlú". Mo fi gbólóhùn kan ti oríkì náà lẹ́yìn pé ọ̀tọ̀ ni ọmọ ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, ọ̀tọ̀ ni ọ̀dọ́ nínú iṣẹ́ yìí, mo sì kọ ọjọ́ orí àwọn olórí ẹgbẹ́ tí mo bá sọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí wọ́n sọ.