Owó tí atẹ́gùn jẹ mí ní Kwahu

Owó tí mo san láti fò pẹ̀lú pálásúùtù kò dùn mí. Owó òtẹ́ẹ̀lì ọjọ́ tí a kò fò ló ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, torí pé lọ́dún Àjíǹde, yàrá ní Kwahu, ní Gánà, kì í ṣe ohun tí à ń dúnàádúrà lé lórí.

Láti Àgbádárìgì, ẹ mọ̀nà: Sèmè, Kútọnu, Lomé, Àkrá. Láti 2005 ni wọ́n ti ń fo láti orí òkè Odweanoma lásìkò Àjíǹde, àwọn atukọ̀ a sì máa ti òkè òkun wá.

Wọ́n ti de bẹ́líìtì mọ́ mi lára, àṣíborí ti wà lórí mi, la bá jókòó. Atukọ̀ mi ja koríko, ó fọ́n ọn sókè, koríko fò lọ síhà ọ̀gbun. Ó mi orí. Atẹ́gùn gbọ́dọ̀ ti iwájú wá kó tó gbé aṣọ náà dúró. Bó bá ń ti ẹ̀yìn fẹ́, ẹ ó kàn sáré wọ ọ̀gbun ni. Bó bá sì le jù, á fà yín padà sórí igi. Lọ́sàn-án, ó yí padà lóòótọ́, àmọ́ òjò ti ṣú, kò sì sẹ́ni tó ń fò síwájú òjò tó ń bọ̀. Mo ní kí wọ́n dá owó mi padà. Wọ́n ní ìwé mi ṣì wúlò lọ́la. Ta ni yóò wá san ti òtẹ́ẹ̀lì?

Lọ́jọ́ kejì, mo sá ìgbésẹ̀ díẹ̀, ilẹ̀ sì kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ẹ gbà mí gbọ́, ẹ̀rù rẹ̀ kò tó ti wáyà tí wọ́n fi ń yọ́ láti orí igi sí igi. Ti wáyà a máa já ọkàn ẹni lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Kò gba agbára kankan, òjò àrá àti atẹ́gùn líle ló ń dá a dúró. Èyí rọra ń gbé mi lọ títí a fi balẹ̀ ní Nkawkaw. Ẹsẹ̀ tó lè sáré ló gbà, àti ìwọ̀n ara tí kò kọjá èyí tí wọ́n ń gbé.

Ẹ̀gbọ́n mi tó fi ọkọ̀ rọ́bà la ìtàkìtì omi kọjá ní Jinja, ní Ùgáńdà, sọ pé apá òun kú. Ẹ ó tukọ̀, ọkọ̀ lè dojú dé, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rù omi. Ìdídò ló ń ṣàkóso omi ibẹ̀, nítorí náà wọ́n ń ṣe é yípo ọdún. Ti odò Zambezi yàtọ̀: ìgbà tí omi bá fà, láti Oṣù Kẹjọ sí Oṣù Kejìlá, ló ń le jù.

Nínú àwọn eré eléwu báyìí, sísọ̀kalẹ̀ nínú ọ̀gbun olómi ló kù, èmi ò sì ní lọ. Okùn, fífò sínú ibú, lílúwẹ̀ẹ́ nínú omi tútù. Ní Suicide Gorge ní Gúúsù Áfíríkà, bẹ́ẹ bá ti fo àkọ́kọ́, kò sọ́nà àtipadà mọ́. Oṣù Kọkànlá sí Oṣù Kẹrin ni wọ́n ń lọ síbẹ̀, nítorí òjò tó bá rọ̀ lókè odò lè kún bá yín níbi tí ẹ ò ti rí ojú òjò rárá.

Tí ẹ bá ń lọ sí Kwahu, ẹ dé lọ́jọ́ Ẹtì Rere, kẹ́ ẹ sì ti san owó yàrá títí di ọjọ́ Ajé.