Owó sáátífíkéètì Coursera: ibi tí ẹ ó ti tọrọ ìrànwọ́

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin tí ẹ ti gboyè tí iṣẹ́ kò tíì sí, ẹ má tíì fi káàdì báńkì yín sílẹ̀ lórí Coursera, ìkànnì tí wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ lórí ayélujára. Bọ́tìnnì tó ní kí ẹ gbìyànjú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ló máa ń gé owó lẹ́yìn ọjọ́ 7.

Ẹ lọ sórí ìkànnì Coursera gan-an, kì í ṣe áàpù, kí ẹ ṣí ojú ewé kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo, kí ẹ wá «Financial aid available». Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: ìtọrọ kan, kọ́ọ̀sì kan ni. Bí ètò bá ní kọ́ọ̀sì 5, ìtọrọ 5 ni ẹ ó kọ. Èsì máa ń gba bí ọ̀sẹ̀ 2. Bí ẹ bá ń dúró de ìkan kí ẹ tó kọ òmíràn, ọ̀sẹ̀ 10 ti lọ sórí ìdúró nìkan. Ẹ kọ méjì pọ̀, kì í ṣe gbogbo rẹ̀, torí ọjọ́ 180 tí wọ́n ń fúnni láti parí kọ́ọ̀sì ń kà láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti gbà.

Nínú àlàyé, ẹ sọ iye tó ń wọlé fún yín lóṣù àti iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi sáátífíkéètì náà wá, lọ́rọ̀ ara yín. Ìrànwọ́ náà lè má kárí gbogbo owó, nítorí náà ẹ ka èsì dáadáa kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì ìforúkọsílẹ̀.