Iṣẹ́ kékeré tó gba owó lọ́wọ́ mi: bí mo ṣe wá Ugwu inú ìwé tì nínú fíìmù

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń bí mi nínú. Tíṣà kan tó máa ń kọ́ àwọn ọmọ ní lítíréṣọ̀ lẹ́yìn ilé ìwé ló pè mí pé kí n bá òun wo nóòtì kan, ó ní nóòtì ti wà nílẹ̀ o, kí n kàn yẹ̀ ẹ́ wò gààràgà, kí n tún ibi tó bá yẹ ṣe, owó pọ́ọ́kú la sì jọ fẹnu kò sí torí mo gbà pé iṣẹ́ kékeré ni. Nóòtì lórí àwọn ẹ̀dá inú Half of a Yellow Sun ni, ìwé ìtàn lórí ogun Biafra tí Chimamanda Ngozi Adichie gbé jáde ní 2006. Bí mo ṣe ṣí i báyìí, ohun tí wọ́n kọ nípa Ugwu ni pé ọmọ ọ̀dọ̀ olóòótọ́ ni, kò ṣe ẹnikẹ́ni níbi títí ìtàn fi parí. Háà! Ẹ̀jẹ̀ mi ru. Ẹni tó kọ ọ́ ò fọwọ́ kan ìwé rárá, fíìmù tí Biyi Bandele ṣe ní 2013 ló wò, tó wá kọ ọ́ bíi pé ìwé ló kà, àwọn ọmọ ọlọ́mọ sì ti ń há a sórí.

Bí iṣẹ́ kékeré ṣe di iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Ẹnì kan ti yá kọ́pì ìwé mi lọ tipẹ́, kò dá a padà, mo ra òmíràn. Dátà tí mo fi wo fíìmù, èmi ni mo sanwó ẹ̀. Nígbà tí mo máa fi ṣírò ẹ̀, owó tí mo ná ti fẹ́ jẹ owó iṣẹ́ tán.

Mi ò ní fi bí mo ṣe ka ìwé dá yín dúró, gbogbo wa la mọ ìwé kà. Ohun kan ṣoṣo tí mo ṣe tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé mo kọ lẹ́tà kan sókè orí kọ̀ọ̀kan. Ojú ẹni mẹ́ta péré la fi ń rí gbogbo ìtàn yẹn: Ugwu, Olanna tó ń fẹ́ ọ̀gá Ugwu, àti Richard, òyìnbó tó ń fẹ́ Kainene, ìkejì Olanna. Orí tó bá jẹ́ ti Ugwu, mo kọ U, ti Olanna O, ti Richard R. Nígbà tí mo wá ń wo fíìmù, mo ṣe bákan náà: ìran kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá, mo bi ara mi pé ojú ta ni a fi ń wò ó. Kò pẹ́ rárá tí ọ̀rọ̀ fi yé mi. U ló ṣí ìwé, ọ̀rọ̀ Ugwu náà ló sì pa á dé, àmọ́ nínú fíìmù, O ló kún orí bébà mi bámúbámú.

Ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀ méjèèjì. Inú ìwé, ọmọ ọdún 13 kan tó wá láti abúlé ń tẹ̀ lé àǹtí ẹ̀ lọ sílé Odenigbo, olùkọ́ yunifásítì ní Nsukka. Kò rí fíríìjì rí. Ó ṣí i, ó rí adìyẹ, ó jẹ, ó tún kó lára ẹ̀ sínú àpò ṣòkòtò torí àwọn ará ilé tó fi sílẹ̀ lábúlé ló wà lọ́kàn ẹ̀. Nígbà tó yá ó fẹ́ fi hàn pé òun mọṣẹ́, ó gbé áyọ́ọ̀nù lé ìbọ̀sẹ̀ ọ̀gá ẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ jóná. Bá a ṣe mọ ọmọ yìí nìyẹn, àyà ẹ̀ ń já, àyà tiwa náà ń já. Fíìmù ní tiẹ̀, Èkó ló ti bẹ̀rẹ̀, nígbà òmìnira ní 1960, lọ́dọ̀ Olanna àti Kainene, àwọn ìbejì ọmọ olówó. Nígbà tí Ugwu máa fi yọjú, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti dàgbà ni, torí John Boyega tó ṣe é ti tó bí ọmọ ogún ọdún, òun náà ló sì ṣe é títí ogun fi parí. Mi ò bá Boyega jà o, ó ṣe é dáadáa, ojú ẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹnu ẹ̀ bá dákẹ́. Àmọ́ ọdún tí ọmọ yẹn fi dàgbà lójú wa nínú ìwé, tó fi ń kọ́ ìwé kíkà, tó ń gbọ́ àríyànjiyàn àwọn olùkọ́ ní pálọ̀ lálaalẹ́, kò sí àyè fún un. Ó di ẹni tó ń gbé oúnjẹ wọlé tó sì ń jáde.

Ibi tí iṣẹ́ wá há sí gan-an nìyí, ibẹ̀ náà ló sì gba owó àti oorun lọ́wọ́ mi.

Nínú ìwé, nígbà tí ogun le, àwọn sójà Biafra mú Ugwu tipátipá. Ìwé tẹ̀ lé e wọ ibẹ̀. Ó di ẹni tó mọ bọ́ǹbù ju débi pé wọ́n sọ ọ́ lórúkọ ogun. Lọ́jọ́ kan, òun àti àwọn yòókù wà nílé ọtí, àwọn sójà yẹn fipá bá ọmọbìnrin tó ń gbé ọtí fún wọn lò pọ̀, wọ́n wá kọjú sí Ugwu, wọ́n ń bi í pé ṣé kì í ṣe ọkùnrin ni. Ó ṣe é. Ugwu wa. Ojú tí ọmọbìnrin yẹn fi wò ó ò kúrò lọ́kàn ẹ̀ mọ́. Ogun parí, ó délé, ó wá gbọ́ pé ohun kan náà ni àwọn sójà ṣe fún Anulika, ọmọ ìyá ẹ̀ obìnrin.

Mo wá ìran ilé ọtí yẹn nínú fíìmù, mi ò rí i. Mo dá a padà, mo tún wò ó, kò sí. Fíìmù ò tẹ̀ lé Ugwu lọ sójú ogun bí ìwé ṣe tẹ̀ lé e. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé wọ́n ti gé kọ́pì mi, kí ẹnikẹ́ni má sì rẹ́rìn-ín torí ìdí wà. Ṣé ẹ rántí pé ní 2014, oṣù Kẹrin ló yẹ kí fíìmù yẹn jáde ní Nàìjíríà, àjọ tó ń yẹ fíìmù wò ò fún un níwèé àṣẹ, ó di oṣù Kẹjọ kí àwọn èèyàn tó rí i wò. Mo sọ pé ó dájú, ibi tó le ni wọ́n yọ. Mo wá ẹ̀dà míì, dátà tún jó. Bákan náà ni. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London, torí wọ́n ti ń fi hàn ní sinimá lọ́hùn-ún ṣáájú tiwa, ó sì ní díìsì ẹ̀ nílé. Ó ń wo tiẹ̀, mo ń wo tèmi, a jọ wà lórí fóònù, mò ń bi í ní ìran dé ìran. Nígbà tó yá ó ní, "Àbúrò, ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ náà ló wà lọ́wọ́ mi, kò sí ilé ọtí kankan níbí, wọn ò ṣe é ni, jẹ́ kí n sùn jàre."

Inú bí mi gan-an nítorí owó mi. Àmọ́ ìgbà yẹn ni mo wá mọ bí wọ́n ṣe ń dá a mọ̀, inú mi sì dùn sí i. Bí wọ́n bá gé nǹkan kúrò nínú fíìmù, ojú àpá ẹ̀ máa ń wà: ẹnì kan á máa sọ̀rọ̀ nípa nǹkan tá ò rí, orin á já lójijì, tàbí ẹ̀dá kan á yí ìwà padà láìnídìí. Kò sí ojú àpá kankan níbí. Ugwu inú fíìmù kì í ṣe bí ẹni tó ru ẹ̀bi kankan, kò sẹ́ni tó dá ọ̀rọ̀ ẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó kọ fíìmù ti yọ ọ́ nídìí pátápátá kí kámẹ́rà tó dé.

Kí ló dé tí wọ́n fi yọ ọ́? Mo ronú lé e títí. Tèmi ni pé nígbà tí wọ́n ti gba ojú lọ́wọ́ Ugwu, tí wọ́n gbé e fún Olanna, wọn ò ní ibi tí wọ́n máa fi ìran yẹn sí mọ́. Olanna ò sí nílé ọtí. Àti pé inú ìwé, a ti gbé inú orí Ugwu fún ọ̀pọ̀ ọdún, a mọ adìyẹ inú àpò ẹ̀, a mọ Eberechi, ọmọbìnrin tó ń fẹ́, ìdí nìyẹn tí ohun tó ṣe fi gún wa lọ́kàn, tá ò lè kàn pè é ní èèyàn búburú ká sì kọjá. Fíìmù tí ò tó wákàtí méjì, tí ò mú wa wọ inú orí ẹ̀, tó bá fi ìran yẹn hàn, a ò ní rí nǹkan míì lára ẹ̀ mọ́. Torí náà wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́. Wọ́n máa ń ṣe é gan-an nínú fíìmù tó bá ti inú ìwé wá, ẹ̀ṣẹ̀ tó wúwo jù lọ lọ́rùn ẹni tá a fẹ́ràn ló máa ń kọ́kọ́ lọ.

Ohun tó wá dùn mí jù ni pé ẹ̀ṣẹ̀ yẹn àti ìwé tí Ugwu kọ ni wọ́n jọ lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kà á mọ̀ pé ìwé kan wà nínú ìwé, abala kéékèèké tó ń jáde láàárín ìtàn nípa ogun náà. A rò pé Richard ló ń kọ ọ́, torí òun ló ń pe ara ẹ̀ ní òǹkọ̀wé. Ìgbà tá a dé òpin la tó mọ̀ pé Ugwu ni, ó sì fi ìwé náà sọrí Ọ̀gá ẹ̀. Ọmọ ọ̀dọ̀ tí ò mọ áyọ́ọ̀nù lò ló kọ ìtàn ogun! Ẹni tó sì kọ ọ́ mọ̀ pé ọwọ́ òun náà ò mọ́. Kò sí èyí nínú fíìmù rárá, torí náà nóòtì tó bá ti inú fíìmù wá ò lè dáhùn ìbéèrè pé ta ló ni ìtàn yìí, mo sì rò pé ìbéèrè yẹn ló yẹ kí àwọn ọmọ múra sílẹ̀ fún jù.

Nǹkan kejì tó yẹ kí ẹ ṣọ́ ni ètò ìgbà. Ìwé kọ́kọ́ wà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 sí 1969, ó fò lọ sí ìparí wọn, ó padà sẹ́yìn, ó tún lọ síwájú. Nípa bẹ́ẹ̀ a bá ọmọ kan tí wọ́n ń pè ní Baby nílé Odenigbo, a ò mọ ìyá ẹ̀, a rí i pé Olanna àti Kainene ò bára wọn sọ̀rọ̀, a ò mọ ìdí. Fíìmù tò ó tẹ̀lératẹ̀léra, gbogbo ẹ̀ ṣojú wa. Odenigbo tí Chiwetel Ejiofor ṣe, a rí àṣìṣe ẹ̀ tó bí Baby ká tó rí ìyà tó jẹ lójú ogun. Inú ìwé, ìyà ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ká tó gbọ́ ohun tó ṣe, àánú ẹ̀ ti ń ṣe wá. Ọkùnrin kan náà, ìdájọ́ wa lórí ẹ̀ ò dọ́gba.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ ka ìwé kí ẹ tó wo fíìmù, ẹ kọ lẹ́tà sórí orí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì wá ibi tí ẹ̀dá yẹn ti dá wà, tí kò sí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ọ́n lọ́dọ̀ ẹ̀, torí ibẹ̀ ni fíìmù ti máa ń já a jù. Ẹ sanwó dátà lẹ́ẹ̀kan, tí ìran kan ò bá sí tí ojú àpá ò sì sí, ẹ má wá kọ́pì míì kiri. Ẹ gba owó yín ṣáájú pẹ̀lú. Tó bá sì jẹ́ Miss Adebayo lẹ fẹ́ kọ̀wé lé lórí, olùkọ́ Yorùbá tó máa ń bá Odenigbo fa ọ̀rọ̀ ní pálọ̀ yẹn, inú ìwé ni kí ẹ jókòó sí. Genevieve Nnaji ló ṣe é nínú fíìmù, ìran tí wọ́n fún un kéré débi pé mi ò rí nǹkan kan kọ sílẹ̀ fún un ju orúkọ ẹ̀ lọ.