Bí a ṣe ń forúkọ ilé-iṣẹ́ aládàáni sílẹ̀ ní Nàìjíríà

Kí ẹ tó wọ ìkànnì Àjọ CAC tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ ti mú orúkọ méjì lọ́wọ́, nítorí ẹlòmíràn lè ti gba àkọ́kọ́. Ọjọ́ 60 ni Àjọ fi ń bá ni tọ́jú orúkọ tí ó bá fọwọ́ sí, nítorí náà ẹ má ṣe sanwó orúkọ bí ẹ kò bá tíì fẹnu kò lórí ìpín, ìyẹn bí ẹ ṣe máa pín ilé-iṣẹ́ náà láàárín ara yín.

Ibi ìpín yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣe àṣìṣe. Òfin ilé-iṣẹ́ tọdún 2020 sọ pé àpapọ̀ ìpín ilé-iṣẹ́ aládàáni kò gbọdọ̀ dín ní ₦100,000, gbogbo rẹ̀ la sì gbọ́dọ̀ pín tán. Àwọn mìíràn a máa kọ iye ńlá kí ilé-iṣẹ́ lè níyì lójú aráyé, ṣùgbọ́n bí iye yẹn bá ṣe pọ̀ tó ni owó sítáǹbù ṣe ń pọ̀ tó. ₦100,000 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Ká ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò fẹ́ máa ta gàrí alápò n'Íbàdàn, tí wọ́n sì ní ìpín 100,000 láti pín, náírà kan fún ìkọ̀ọ̀kan, tí ìpín kan sì ní ibò kan. Bí wọ́n bá pín in ní 50,000 sí 50,000 kí ẹnikẹ́ni má baà bínú, ọjọ́ tí wọn kò bá fẹnu kò ni ibò yóò dọ́gba, tí ìpinnu sì lè má kọjá. Bí ẹ̀gbọ́n bá gba 60,000, ó lè fi ibò rẹ̀ yọ dáírẹ́kítọ̀, nítorí ohun tí ó bá ju ìdajì lọ ti tó fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n láti yí orúkọ ilé-iṣẹ́ tàbí òfin inú rẹ̀ padà, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ló nílò, àbúrò sì gbọ́dọ̀ gbà fún un. Bí ẹ̀gbọ́n bá wá gba 75,000, àbúrò kò lè dá a dúró mọ́. Ohun tí àbúrò yóò ṣọ́ nìyẹn: kí tirẹ̀ ju 25,000 lọ. Ẹ má sì ṣe tìtorí ìfẹ́ fi orúkọ ìyá tàbí ọ̀rẹ́ kún un, torí ẹni tí ìpín bá ti wà lórúkọ rẹ̀ ni yóò fọwọ́ síwèé kí ó tó kúrò níbẹ̀.

Dáírẹ́kítọ̀ kan ti tó fún ilé-iṣẹ́ kékeré, bí ó bá ti pé ọmọ ọdún 18; àwọn yòókù gbọ́dọ̀ ní méjì. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ bí ó ṣe wà lórí NIN, lẹ́tà fún lẹ́tà.

Àdírẹ́ẹ̀sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ojúlé gidi, nítorí òfin kò gba àpótí ìfìwéránṣẹ́. Ẹ lè lo ilé tí ẹ ń gbé dípò kí ẹ gba ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ sọ fún onílé.

Ní ti ìwé ìdásílẹ̀ tí òfin inú ilé-iṣẹ́ wà nínú rẹ̀, ìkànnì náà ní èyí tí wọ́n ti kọ sílẹ̀. Mo máa ń lò ó, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fọwọ́ sí i láìkà á tán. Ẹ wo ibi tí ó ti sọ̀rọ̀ nípa títa ìpín, kí ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ kedere ta ni yóò díye lé e bí ẹnì kan bá fẹ́ jáde, nítorí òfin fàyè sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ láti ní kí ó kọ́kọ́ fi lọ àwọn tó kù.