Ẹ̀bùn tó wúlò fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru

Bí ẹ bá fẹ́ ra ẹ̀bùn fún nọ́ọ̀sì tàbí ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣiṣẹ́ òru, ẹ fi àbẹ́là olóòórùn dídùn sílẹ̀, ẹ ra kọ́tìnnì dúdú tó nípọn. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán máa ń sọ fún ara pé ilẹ̀ ti mọ́, kì í jẹ́ kí oorun pẹ́ lójú wọn bó ti wù kó rẹ̀ wọ́n tó. Ẹ wọn fèrèsé kí ẹ tó rà á. Kí aṣọ náà fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 kọjá rẹ̀ lápá ọ̀tún, lápá òsì àti lókè, torí ẹ̀gbẹ́ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Bí èèyàn bá ṣì lè kàwé nínú yàrá náà lọ́sàn-án, kò tíì tó. Àmọ́ níbi tí iná kì í ti í dúró kí fáànù lè ṣiṣẹ́, kọ́tìnnì yìí á dí atẹ́gùn, yàrá á sì móoru. Ìbòjú aṣọ rírọ̀ tí wọ́n á fi bo ojú sùn ló sàn níbẹ̀. Tí owó bá ṣẹ́kù, ẹ fi fúláàsì oúnjẹ ẹlẹ́nu gbòòrò kún un. Kí ẹni tí ẹ fún kọ́kọ́ da omi híhó sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, kó dà á nù, kó tó bu oúnjẹ gbígbóná sí i. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, irin tútù á fa ooru oúnjẹ náà.