Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Bí A Bá Ń Kí Ọlọ́pàá Tí Ó Dá Ọkọ̀ Dúró

Ní ojú ọ̀nà Gbọ̀ngán tí ó wọ Òṣogbo, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, àṣìṣe àkọ́kọ́ máa ń ṣẹlẹ̀ kí awakọ̀ tó la ẹnu rárá. Yóò rí iná tọ́ọ̀ṣì, yóò tẹ bíréèkì, ṣùgbọ́n yóò jẹ́ kí iná iwájú ọkọ̀ máa tàn sí ọlọ́pàá lójú, gíláàsì rẹ̀ yóò sì wà ní títì. Ẹ rẹ iná iwájú sílẹ̀, ẹ tan ti inú ọkọ̀, ẹ sọ gíláàsì kalẹ̀, kí ẹ sì gbé ọwọ́ méjèèjì lé sítíárì níbi tí ó ti hàn.

Àwọn ọmọlúàbí ló sábà máa ń ṣe àṣìṣe tó tẹ̀ lé e. Nítorí pé wọ́n ti kọ́ wa pé a kì í jókòó kí àgbà, awakọ̀ mìíràn yóò ṣí ilẹ̀kùn lójijì, yóò bọ́ sílẹ̀ kí ó lè tẹríba dáadáa. Ọlọ́pàá tí ó gbé ìbọn lọ́wọ́ nínú òkùnkùn kò rí ọ̀wọ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ó ṣàdédé yọ sí i ni ó rí. Ẹ jókòó, ẹ tẹ orí ba díẹ̀, kí ẹ sọ pé, "Ẹ kú alẹ́ o, ẹ kú iṣẹ́." Ó tó bẹ́ẹ̀, kódà fún ọlọ́pàá tí kì í ṣe Yorùbá, nítorí púpọ̀ nínú wọn ti mọ "ẹ kú iṣẹ́". Bí ó bá sì kéré sí yín lọ́jọ́ orí, ẹ má pè é ní "ọmọ mi", ẹ má sì fi "ìwọ" bá a sọ̀rọ̀, nítorí ẹnu iṣẹ́ ni ó wà.

Ọ̀rọ̀ ìwé ọkọ̀ ló gba ìṣọ́ra jù. Ẹ má na ọwọ́ sí àpótí iwájú kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Ẹ wí pé, "Pátíkúlà wà nínú àpótí yìí, ẹ jẹ́ kí n mú un," kí ẹ sì dúró kí ó dáhùn. Nítorí pé apá òsì ni sítíárì wà lórílẹ̀-èdè wa, ọwọ́ òsì ló sún mọ́ fèrèsé jù, òun náà ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ fi ń na ìwé síta láìronú. Èyí máa ń bí àwọn kan nínú, pàápàá àwọn tó ti dàgbà. Ẹ yí ara díẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún nà án. Owó tí a ká sínú láísẹ́ǹsì kì í ṣe ìkíni. Rìbá ni, òfin sì mú ẹni tó fún un àti ẹni tó gbà á.

Bí ó bá dá ìwé padà, ẹ dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má tẹ iná mọ́tò títí yóò fi kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tí yóò sì juwọ́ pé kí ẹ máa lọ.